Gizo àti Gbèsè: Àlàyé Lórí Ìtàn Kúkúrú Kan ní Èdè Haúsá fún Àwọn Ọmọdé Tí Ń Kọ́ Ìwé Kíkà

Ẹ̀yin olùgbé ìpínlẹ̀ wa, ojú ewé kan ṣoṣo ni a fẹ́ ṣàlàyé fún yín lónìí. Ìtàn kúkúrú ni, tí a kọ ní èdè Haúsá tí ó rọrùn, fún àwọn ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń kàwé. Àlàyé náà wà fún òbí tí ọmọ rẹ̀ ń kọ́ èdè Haúsá ní ilé-ìwé, fún olùkọ́ tí ó ń wá ohun tí yóò fi kọ́ kíláàsì rẹ̀, àti fún àwọn ará wa tí Haúsá jẹ́ èdè abínibí wọn, tí wọ́n ń gbé láàárín wa ní Sábó àti ní àwọn àdúgbò mìíràn. Láti ọdún 1977 tí ìjọba àpapọ̀ ti gbé Ìlànà Orílẹ̀-Èdè lórí Ètò Ẹ̀kọ́ jáde ni a ti ń gba àwọn ọmọ níyànjú láti kọ́ ọ̀kan nínú Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá tí kì í ṣe èdè abínibí wọn. Ṣùgbọ́n òbí tí kò gbọ́ èdè tí ọmọ rẹ̀ ń kà kò lè mọ̀ bóyá ọmọ náà ń kàwé ní tòótọ́ tàbí ó kàn ń ké ohun tí ó ti há sórí. Ìyàtọ̀ yìí ni ó ká wa lára, òun náà sì ni àlàyé yìí yóò fi hàn.

Irú ìtàn tí a ń sọ

Ohun tí àwa ń pè ní àlọ́ àpagbè ni àwọn Haúsá ń pè ní *tatsuniya*. Alẹ́ ni wọ́n sábà máa ń pa á, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, àwọn ìyá àgbà ni wọ́n sì sábà máa ń pa á fún àwọn ọmọ. Bí ẹni tí ó ń pàlọ́ nílẹ̀ Yorùbá ti ń ké “Ààlọ́ o!” kí àwọn ọmọ tó dáhùn pé “Ààlọ̀!”, bẹ́ẹ̀ ni apàlọ́ Haúsá ń wí pé *Ga ta nan, ga ta nan ku*, èyí tí ó túmọ̀ sí pé “Òun rèé o, òun rèé o.” Àwọn ọmọ yóò sì dáhùn pé *Ta zo mu ji ta*, ìyẹn ni pé, “Kí ó máa bọ̀, kí a gbọ́ ọ.” Bí ìtàn bá parí, apàlọ́ a wí pé *Kungurus kan kusu*. Orí eku ni gbólóhùn yìí dárúkọ, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá eku nínú ìtàn. Ọ̀rọ̀ ìparí lásán ni, ó ń fi yé ọmọ pé àlọ́ ti dópin.

Ìjàpá ni ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ nínú àlọ́ tiwa. Ní ilẹ̀ Haúsá, Gizo ni, ìyẹn aláǹtakùn. Bí Ìjàpá ti ní Yánníbo ní aya, bẹ́ẹ̀ ni Gizo ní Koki. Ọ̀lẹ ni Gizo, ó jẹ́ ọ̀kánjúwà, ọgbọ́n inú rẹ̀ a sì máa kọjá agbára rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ìtàn rẹ̀ ti wọ inú ìwé. Láàárín ọdún 1911 sí 1913 ni Frank Edgar tẹ àwọn àlọ́ Haúsá jáde ní ìwé mẹ́ta. Ní ọdún 1913 kan náà ni R. S. Rattray gbé ìwé tirẹ̀ jáde lórí àlọ́, àṣà àti òwe Haúsá. Kí lẹ́tà òyìnbó tó dé ni àwọn Haúsá ti ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ èdè wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní *ajami*. Ìlànà àkọsílẹ̀ *boko*, tí ó ń lo lẹ́tà bíi tiwa, ni a fi kọ ìtàn tí ó wà nísàlẹ̀ yìí.

Ìtàn náà

Àlọ́ nípa ajigbèsè tí ó ń fi olówó kan san gbèsè olówó mìíràn kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ wa. Ìlànà àlọ́ bẹ́ẹ̀ ni a tẹ̀ lé. Àwa fúnra wa ni a to àwọn gbólóhùn yìí, kí wọ́n lè bá ọmọ kékeré mu.

*Gizo da Bashi*

*Ga ta nan, ga ta nan ku.*
*Ta zo mu ji ta.*

*Gizo yana zaune da matarsa Koki. Gizo ba shi da kuɗi.*

*Gizo ya je wurin kaza. Ya ce, “Ki ba ni bashi.” Kaza ta ba shi bashi.*

*Gizo ya je wurin kare. Ya ce, “Ka ba ni bashi.” Kare ya ba shi bashi.*

*Gizo ya je wurin kura. Ya ce, “Ki ba ni bashi.” Kura ta ba shi bashi.*

*Gizo ya je wurin zaki. Ya ce, “Ka ba ni bashi.” Zaki ya ba shi bashi.*

*Gizo ya ce, “Ranar Juma'a zan biya.”*

*Ranar Juma'a ta yi. Gizo ya yi baƙi.*

*Kaza ta zo. Ta ce, “Ina kuɗina?” Gizo ya ce, “Ki shiga ɗaki, ki jira.” Kaza ta shiga.*

*Kare ya zo. Ya ce, “Ina kuɗina?” Gizo ya ce, “Ga kuɗinka a cikin ɗaki.” Kare ya shiga. Kare ya cinye kaza.*

*Kura ta zo. Ta ce, “Ina kuɗina?” Gizo ya ce, “Ga kuɗinki a cikin ɗaki.” Kura ta shiga. Kura ta buɗe baki. Kura ta cinye kare. Ƙashi kawai ta bari.*

*Zaki ya zo. Ya ce, “Ina kuɗina?” Gizo ya ce, “Ga kuɗinka a cikin ɗaki.” Zaki ya shiga. Zaki ya cinye kura.*

*Zaki ya fito. Ya ce, “Gizo, ina kuɗina?”*

*Gizo ya ji tsoro. Ya gudu. Ya hau rufi. Har yau Gizo yana zaune a rufi.*

*Kungurus kan kusu.*

Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wa

Gizo ń gbé pẹ̀lú Koki aya rẹ̀, kò sì ní owó lọ́wọ́. Ó tọ adìyẹ lọ, ó ní kí ó yá òun lówó, adìyẹ sì yá a. Ó tọ ajá lọ, ó tọ ìkookò lọ, ó tọ kìnnìún lọ, gbogbo wọn ni wọ́n yá a lówó. Ó ṣèlérí pé ọjọ́ Jímọ̀ ni òun yóò san án. Nígbà tí ọjọ́ Jímọ̀ pé, àlejò dé bá Gizo. Adìyẹ ni ó kọ́kọ́ dé, ó ní, “Owó mi dà?” Gizo ní kí ó wọ yàrá lọ, kí ó dúró. Ajá dé, ó béèrè owó rẹ̀, Gizo ní, “Owó rẹ nìyí nínú yàrá.” Ajá wọlé, ó sì jẹ adìyẹ tán. Ìkookò dé, Gizo tún sọ bákan náà fún un. Ìkookò wọlé, ó la ẹnu, ó jẹ ajá tán, egungun nìkan ni ó ṣẹ́kù. Kìnnìún dé, ó wọlé, ó jẹ ìkookò tán. Ṣùgbọ́n kìnnìún jáde sí ìta, ó ní, “Gizo, owó mi dà?” Kò sí ẹni tí ó kù tí Gizo lè fi kìnnìún lé lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà á, ó sá, ó gun àjà. Títí di òní olónìí, orí àjà ni Gizo ń gbé.

Ohun tí ó mú kí ó rọrùn

Bí a bá yọ àkọlé, ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìparí kúrò, 206 ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ìtàn náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó yàtọ̀ síra nínú wọn kò ju 53 lọ. Èyí ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ń padà wá léraléra, ó sì jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí ó bá padà wá, ìtàn ń nílò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Gizo yá owó, nítorí náà ọmọ ka *ba ni bashi* ní ẹ̀ẹ̀mẹrin láìsú u. Márùn-ún ni ìbéèrè *Ina kuɗina?*, kíláàsì gbogbo sì lè ké e pọ̀ bí ẹni gbe orin àlọ́. Kò sí gbólóhùn kan tí ó gùn ju ọ̀rọ̀ mẹ́jọ lọ.

Ohun tí ó ṣòro jù fún ọmọ Yorùbá kò sí nínú gígùn gbólóhùn rárá. Ó wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré méjì, *ya* àti *ta*. Èdè wa kò ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo. “Ó wá” ni a ń wí, ìbáà jẹ́ ọkùnrin, ìbáà jẹ́ obìnrin, ìbáà jẹ́ ilé. Ṣùgbọ́n nínú Haúsá, gbogbo ọ̀rọ̀ orúkọ ni ó jẹ́ yálà akọ tàbí abo, ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé e sì gbọ́dọ̀ bá a mu. *Kare ya zo*, nítorí akọ ni *kare*. *Kura ta zo*, nítorí abo ni *kura*. Kódà ọjọ́ jẹ́ abo, ìdí nìyí tí a fi kọ ọ́ pé *Ranar Juma'a ta yi*.

Ìdí nìyí pẹ̀lú tí a fi to àwọn ẹranko náà bí a ti tò wọ́n: adìyẹ jẹ́ abo, ajá jẹ́ akọ, ìkookò jẹ́ abo, kìnnìún jẹ́ akọ. Abo, akọ, abo, akọ. Ọmọ kò ní lè fi *ya* kan ṣoṣo la gbogbo ìtàn já. Ó lè ṣàkíyèsí fúnra rẹ̀ pé *kaza* àti *kura* parí sí *a*, àti pé *kare* àti *zaki* kò parí sí i. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó parí sí *a* ni ó jẹ́ abo. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ má ṣe sọ ọ́ di òfin, nítorí *gida*, tí í ṣe ilé, àti *ruwa*, tí í ṣe omi, parí sí *a*, síbẹ̀ akọ ni àwọn méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni *ka* àti *ki*. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ orí àti ipò ni a fi ń mọ̀ bóyá “o” ni a ó wí fún ènìyàn tàbí “ẹ”. Nínú Haúsá, bí a bá ń bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀, a ní láti mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo. Gizo sọ fún ajá pé *Ka ba ni bashi*, ó sì sọ fún ìkookò pé *Ki ba ni bashi*. Owó ajá ni *kuɗinka*, owó ìkookò sì ni *kuɗinki*.

Lẹ́tà tí ó ní ìkọ́

Ẹ tún ojú ewé náà wò, ẹ ó rí i pé lẹ́tà mẹ́ta kan ní ìkọ́ lára: *ɓ*, *ɗ* àti *ƙ*. Méjì nínú wọn wà nínú ìtàn yìí, *ɗ* nínú *ɗaki* àti *kuɗi*, *ƙ* nínú *baƙi* àti *ƙashi*. Ìkọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí àmì ohùn ti rí nínú Yorùbá ni ó rí. Bí a bá yọ ọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ó lè kù sílẹ̀. Láti pe *ɗ*, a ó pa ọ̀nà ọ̀fun dé díẹ̀, kí ohùn tó jáde. Láti pe *ƙ*, a ó sé èémí mọ́ ọ̀fun, a ó sì jẹ́ kí *k* bú jáde. Èdè Yorùbá kò ní ìró méjèèjì, nítorí náà ọmọ gbọ́dọ̀ gbọ́ wọn lẹ́nu ẹni tí ó mọ̀ wọ́n pè. Lẹ́tà lásán kò lè kọ́ ọ.

Ọ̀nà méjì ni a ti fi ìyàtọ̀ yìí pamọ́ sínú ìtàn. Èkíní ni *baƙi* àti *baki*. *Gizo ya yi baƙi*: Gizo gba àlejò. *Kura ta buɗe baki*: ìkookò la ẹnu. Ìkọ́ kékeré kan ni ó wà láàárín àlejò àti ẹnu. Èkejì ni *ƙashi*, tí í ṣe egungun. Bí ọmọ bá pè é láìsí ìkọ́, *kashi* lè túmọ̀ sí ìgbẹ́, àwọn ọmọ tí wọ́n gbọ́ Haúsá yóò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Kí olùkọ́ ti ṣàlàyé èyí kí ọmọ tó dé ibẹ̀, kí ojú má bàa ti ọmọ láàárín ẹgbẹ́.

Ohun kẹta kò sí lára lẹ́tà, àlàfo ni. Ẹ wo *bashi* àti *ba shi*. *Bashi*, ní ọ̀rọ̀ kan, ni gbèsè. *Ta ba shi*, tí a yà sọ́tọ̀, ni “ó fún un.” *Ba shi da kuɗi* sì ni “kò ní owó.” Nítorí náà nínú gbólóhùn *Kaza ta ba shi bashi*, lẹ́tà kan náà tẹ̀ léra lẹ́ẹ̀mejì, àlàfo nìkan ni ó yà wọ́n. Ọmọ tí ó bá lè sọ pé èyí àkọ́kọ́ ni fífún, èkejì ni gbèsè, ti ń ka àlàfo bí ó ti ń ka lẹ́tà.

Ìyókù kò le. *Sh* Haúsá ni *ṣ* tiwa. *C* nínú *ce* àti *cikin* dà bí ìgbà tí a bá pe *t* àti *ṣ* pọ̀ kíákíá. Àmì kékeré inú *Juma'a* ń sọ pé kí a dá èémí dúró díẹ̀ láàárín *a* méjèèjì.

Bí a ṣe lè fi í kọ́ ọmọ

Ìjókòó mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ìdajì wákàtí lọ, tó fún ojú ewé yìí. Ní ìjókòó kìíní, ẹ pa àlọ́ náà fún ọmọ ní èdè tí ó gbọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà kí ẹni tí ó gbọ́ Haúsá ka á sókè, pẹ̀lú ìpè àti ìdáhùn rẹ̀, kí ọmọ máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lójú ewé. Ọmọ tí ó ti mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ní máa wá ìtàn àti lẹ́tà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ìjókòó kejì, ẹ kọ orúkọ àwọn ẹranko mẹ́rin sórí páálí kéékèèké, kí ọmọ fi *ya* tàbí *ta* sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ó wá ka apá tí Gizo ti ń yáwó nìkan. Ní ìjókòó kẹta, ẹ kọ́ ọ ní lẹ́tà oníkọ̀ọ́ àti àlàfo inú *ba shi bashi*, kí ó sì ka apá ọjọ́ Jímọ̀. Ní ìjókòó kẹrin, kí ó dá ka gbogbo rẹ̀, kí àgbà jókòó tì í pẹ̀lú pẹ́ńsù, kí ó máa sàmì sí ibi tí ó bá ti ṣì kà, láìdá a dúró.

Ọmọ kan, ìpínrọ̀ kan

Ẹ jẹ́ kí a mú ìpínrọ̀ ìkookò fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ géérégé ni ó wà nínú rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí àwọn olùkọ́ ìwé kíkà ń lò ni pé bí ọmọ bá ṣì ju ọ̀rọ̀ kan lọ nínú mẹ́wàá, ohun tí ó ń kà ti le jù fún un láti dá kà. Nínú ìpínrọ̀ yìí, àṣìṣe mẹ́ta ni òpin.

Ká ní ọmọ kan kà á báyìí: ó pe *Kura ta zo* ní *Kura ya zo*, ó pe *kuɗinki* ní *kuɗinka*, ó pe *baki* ní *baƙi*, ó sì pe *ƙashi* ní *kashi*. Àṣìṣe mẹ́rin nìyẹn, ó ti kọjá òpin. Ṣùgbọ́n kí òbí má ṣe kàn ní kí ó tún un kà lẹ́ẹ̀mẹwàá. Àwọn àṣìṣe náà kò ti orísun kan wá. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ àṣìṣe akọ àti abo, ohun tí èdè abínibí ọmọ náà kò kọ́ ọ ni. Páálí ìjókòó kejì ni oògùn rẹ̀. Méjì ìkẹyìn jẹ́ àṣìṣe ìkọ́, ojú rẹ̀ kò tíì máa wo ìkọ́ ni. Ìjókòó kẹta ni kí ó padà sí.

Àṣìṣe kẹta ni ó yẹ kí a fetí sí jù lọ. *Kura ta buɗe baƙi* yóò túmọ̀ sí pé ìkookò ṣí àlejò. Bí ọmọ bá kà á bẹ́ẹ̀, tí ó dúró, tí ó padà sẹ́yìn, tí ó tún un ṣe, ẹ yọ̀ mọ́ ọn, nítorí ó ń lépa ìtumọ̀. Bí ó bá kọjá lọ láìfura, ẹnu rẹ̀ ni ó ń kàwé, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Bí a ṣe lè mọ̀ pé kò há a sórí

Ohun tí ó mú kí ìtàn yìí rọrùn náà ni ó lè tàn wá jẹ. Nítorí pé gbólóhùn rẹ̀ ń padà wá, ọmọ tí etí rẹ̀ yá lè ké e láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjì, kí òbí máa pàtẹ́wọ́, síbẹ̀ kí ọmọ náà má lè ka *zaki* bí ó bá rí i lára ògiri. Òbí tí kò gbọ́ Haúsá lè mọ èyí láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ bo òkè ojú ewé mọ́lẹ̀, kí ẹ ní kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ láti ìpínrọ̀ kìnnìún. Ọmọ tí ó há a sórí yóò fẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kí ó tó lè dé ibẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọwọ́ kan ọ̀rọ̀ mẹ́fà káàkiri ojú ewé, láìtẹ̀ lé ètò, kí ó pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìparí, ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta tí kò sí nínú ìtàn ṣùgbọ́n tí gbogbo ọ̀rọ̀ wọn wà níbẹ̀. A ti kọ wọ́n síbí fún yín:

*Koki ta shiga ɗaki.*
*Kare ya buɗe baki.*
*Zaki ya ba kaza kuɗi.*

Èkíní ni pé Koki wọ yàrá. Èkejì ni pé ajá la ẹnu. Ẹ̀kẹta ni pé kìnnìún fún adìyẹ lówó. Bí ọmọ bá ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ó sì lè sọ ohun tí ó túmọ̀ sí, ó ń kàwé. Bí ó bá ka ẹ̀kẹta tí ó rẹ́rìn-ín pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀, kò tún sí ẹ̀rí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí agbára ojú ewé yìí mọ

Haúsá ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi Yorùbá, fáwẹ̀lì rẹ̀ sì lè gùn tàbí kí ó kúrú, ṣùgbọ́n ìlànà *boko* kì í fi àmì sí èyíkéyìí nínú wọn. Ọmọ tí ó gbọ́ Haúsá nílé yóò fi ohùn tí ó tọ́ sí i láìrò ó. Ọmọ Yorùbá yóò wá àmì títí, kò ní rí i, yóò sì fi ohùn tí ó wù ú sí i. Nítorí náà, bí aládùúgbò kan bá gbọ́ Haúsá, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó ka ìtàn náà fún ọmọ yín lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Kí olùkọ́ tí ó bá ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìtàn náà tún ṣọ́ra, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa tẹ *k* àti *d* lásán nígbà tí wọn kò bá rí lẹ́tà oníkọ̀ọ́. Àgbà yóò lóye rẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká. Ọmọ tí ó ń kọ́ ìwé kíkà kò ní lóye rẹ̀. Bí kò bá sí lẹ́tà náà, ẹ tẹ ìwé tán, kí ẹ fi bírò fa ìkọ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn kíkà, ẹ bi ọmọ léèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìtàn. Ta ni ó jẹ̀bi ikú adìyẹ, ṣé ajá ni tàbí Gizo? Kí ló dé tí Koki kò sọ̀rọ̀ kankan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Kí ni ì bá sọ? Àwọn Haúsá ní òwe kan tí ó sọ pé *Bashi hanji ne, yana cikin kowa*: gbèsè dà bí ìfun, kò sí ẹni tí kò ní in nínú. Nítorí náà yíyáwó kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ Gizo. Ọmọ tí ó bá wo ìtàn dáadáa yóò rí i pé ìgbà tí ó ní kí adìyẹ wọ yàrá kí ó dúró ni ọ̀ràn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá fi ìka tọ́ka sí gbólóhùn náà gan-an lójú ewé, *Ki shiga ɗaki, ki jira*, kí ẹ mọ̀ pé ọmọ yín ti ka ìtàn náà tán.